Ẹ̀dà Kẹta, Ẹ̀dà Kẹrin, àti Ilé Lagos Town

Ẹ fa àpótí yín súnmọ́ mi, kí ẹ jókòó dáadáa. Ẹni tó bá gbé ọbẹ̀ kaná nílé, kó tètè lọ wò ó, n ò ní bínú. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu mi kì í ṣe èyí tí à ń gbọ́ lórí ìdúró. Ọ̀rọ̀ ìyàwó mi ni, àti ojú rẹ̀, àti ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí a bí, àti ohun tí mo fi ìka ara mi tẹ̀.

Ashaiman, ní Gánà níhìn-ín, ni mo ti ń ta láptọ́ọ̀pù àlòkù. Wọ́n á bá ọkọ̀ ojú omi wọlé ní èbúté Tema, nínú àpótí irin ńlá, àwọn tí ilé iṣẹ́ òyìnbó ti lò títí tó ti sú wọn. Ọ̀kan wọn á wá láìní bátìrì, ọ̀kan á wá láìní lẹ́tà E. Èmi àti ará Ga kan, ọmọ onílẹ̀ ìhín, tó ń tún fóònù ṣe la jọ pín ìsọ̀ kan, ògiri pákó ló wà láàárín wa. Ìyàwó mi ń ta ọṣẹ lọ́jà, pàápàá ọṣẹ dúdú wa tí àwọn ará ìhín ń pè ní alata samina; Alata ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá, bí ẹni pé a bí ọṣẹ náà mọ́ wa.

Bí ojú rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀, a kò tètè mọ̀. Ó ń fi èjìká gbá ilẹ̀kùn. Ó ń pe oníbàárà tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé kó wá, tí ẹni yẹn á ní, “Màmá, èmi nìyí.” A ń fi í rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí a fi máa dé ọ̀dọ̀ dókítà, wọ́n ní ìfúnpá omi inú ẹyinjú ti le jù, ó ti pa iṣan tó ń gbé ìmọ́lẹ̀ lọ sí ọpọlọ, ẹ̀gbẹ́ ló sì ti ń jẹ ẹ́ wọlé. Dókítà náà jẹ́ obìnrin onísùúrù. Ó ní oògùn tí a máa kán sójú lè mú kó rọra lọ, ṣùgbọ́n èyí tó ti lọ kò ní padà. Mo béèrè pé ó ku bí ọdún mélòó. Ó ní òun kò lè purọ́ fún mi, ó lè jẹ́ ọdún, ó lè jẹ́ oṣù.

Ọmọ wa gbọ́, kò sunkún. Olùkọ́ ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà nílé ìwé kan. Lẹ́yìn iṣẹ́ ló máa ń kọ géèmù, òun nìkan, láìsí ọ̀gá, láìsí alábàáṣe. Ó jókòó ti ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ní, “Màmá, kí ni ẹ fẹ́ rí kí ojú yẹn tó ṣe bí ó ṣe fẹ́ ṣe?”

Mo rò pé á ní Mẹ́kà. Ó ní, “Ilé wa ní Lagos Town.”

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ àná kò mọ Lagos Town. New Town ni wọ́n ń pè é báyìí, àárín Accra níhìn-ín. Agbo ilé àwọn òbí ìyàwó mi wà níbẹ̀, ibẹ̀ la bí i sí. Ó tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé kó jáde ní Gánà. Wọ́n di ẹrù, wọ́n lọ sí Ọ̀fà. Nígbà tó fi máa padà wá ní àgbà, tí mo fẹ́ ẹ, ẹlòmíràn ti wó ilé náà, ó ti kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì síbẹ̀. Kò sí fọ́tò kankan. Orí rẹ̀ nìkan ni ilé náà kù sí.

“Màá kọ́ ọ fún yín,” ni ọmọ mi wí. “Nínú géèmù. Ẹ ó máa rìn nínú rẹ̀.”

Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. “Ṣé wàá gbin gúáfà síbẹ̀?”

“Màá gbìn ín.”

Mo yan láptọ́ọ̀pù kan fún un nínú ọjà mi. Èmi ni mo mọ èyí tó dára jù, ṣùgbọ́n àgbà ni èyí tó dára jù náà. Ráàmù rẹ̀ jẹ́ gíìgì mẹ́rin péré. Dísìkì inú rẹ̀ ṣì jẹ́ irú èyí tó ń yí bí ọlọ, kò sì ní káàdì àwòrán tó dá dúró. Ó dúpẹ́, ó kúnlẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ́ńjìnnì.

Kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń jẹ́ ẹ́ńjìnnì, torí èmi náà rò pé ti mọ́tò ni. Ẹni tó ń kọ géèmù kò ní bẹ̀rẹ̀ láti orí bí àwòrán ṣe ń rìn lójú kọ̀ǹpútà, tàbí bí ohùn ṣe ń dún. Àwọn kan ti ṣe gbogbo ìyẹn pọ̀ sójú kan, bí ilé ìdáná tí ààrò àti ìkòkò ti wà nínú rẹ̀. Ìwọ á kàn mú iṣu tìrẹ wá. Ilé ìdáná yẹn ni ẹ́ńjìnnì.

Èyí tí gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń lò ló kọ́kọ́ mú, ẹ́ńjìnnì olówó ńlá kan tí wọ́n ń fún tálákà lò lọ́fẹ̀ẹ́ bí owó tó ń rí nínú géèmù rẹ̀ kò bá tíì pọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń fà á wá láti orí ìntánẹ́ẹ̀tì, dátà sì ń jóná. Nígbà tó wọlé tán, ìdajì dísìkì ló gbà. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́ pé kó ṣí, á lọ fọ bùbá rẹ̀, á tún lọ kí ìyá rẹ̀, á padà dé, òrùka kékeré tó ń yí lójú láptọ́ọ̀pù ṣì ń yí. Ará Ga onífóònù máa ń na ọrùn lórí ògiri pákó.

“Alata, ẹ̀rọ yín ń kígbe o. Ṣé ẹ fẹ́ kó gbéra fò ni?”

“Fáànù inú rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́,” ni mo dá a lóhùn.

“Gbé ìrẹsì lé e lórí, ká lè rí nǹkan jẹ lọ́sàn-án.”

Ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọ mi pa á rẹ́. Ó ní òun ti rí òmíràn, Godot lorúkọ rẹ̀. Ó ní fáìlì kan ṣoṣo ni, kò tilẹ̀ ń béèrè pé kí wọ́n fi í sínú ẹ̀rọ, ẹ kàn máa tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì ni. Mo béèrè iye rẹ̀.

“Ọ̀fẹ́ ni, Bàbá.”

“Ọ̀fẹ́ títí di ìgbà wo?”

“Títí láé. Àwọn èèyàn káàkiri ayé ló jọ ń kọ ọ́. Ìwé àṣẹ rẹ̀ ní kí ẹnikẹ́ni máa lò ó bó ṣe wù ú, kò sí ẹni tó máa wá gba ìdá kankan lọ́wọ́ mi.”

Èmi ọlọ́jà, ara mi kò gbà á. Ọjà tí olówó rẹ̀ kò dúró tì í, ta ni n ó bá tí ó bá bàjẹ́? Mo sọ fún un bẹ́ẹ̀. Ó ní bí ó bá bàjẹ́, òun á béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń lò ó, wọn á sì dáhùn. Ó ní ti àwọn olówó ńkọ́, tí wọ́n bá yí àdéhùn padà lọ́la, ta ni òun fẹ́ bá?

Ọmọ yẹn máa ń fi ohùn jẹ́jẹ́ borí mi.

Ẹ̀dà kẹta ni ó mú. Ó ní ẹ̀dà náà ní ọ̀nà ìyàwòrán kan tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹ̀rọ aláìlágbára bíi tiwa. Ẹ gbọ́ àṣà ilé wa: bí ẹrù tuntun bá dé, ìbáà ṣe àpò ọṣẹ, ìbáà ṣe páálí láptọ́ọ̀pù, ọwọ́ ẹni tó dàgbà jù nílé la fi ń ṣí i, pẹ̀lú Bísímílà. Bàbá mi ṣe é, bàbá rẹ̀ náà ṣe é. Ọmọ mi fà mí wá sídìí láptọ́ọ̀pù, ó ní, “Bàbá, ẹ bá mi ṣí i.” Mo ṣe Bísímílà, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. N kò tíì gbé ọwọ́ kúrò tó fi ṣí. Èmi fúnra mi sọ pé, “Hẹn-ẹn.”

Báyìí ni ilé bẹ̀rẹ̀. Ó ya àwọn àwòrán kéékèèké onígun mẹ́rin: yẹ̀pẹ̀, ògiri amọ̀, páànù, ewé gúáfà, etí kànga. Ó wá ń tò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn sórí ilẹ̀ géèmù bí ẹni tó ń to bíríkì, títí wọn á fi di àgbàlá. Ìyàwó mi á jókòó tì í, á máa yí orí kiri, torí àárín ojú rẹ̀ nìkan ló kù tó ń ríran, bí ẹni tó ń wo ìta láti ojú ihò kọ́kọ́rọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Tí a bá bi ìyàwó mi pé, níbo ni kànga wà, á ní, “Ó wà nínú àgbàlá.” Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí ọmọ rẹ̀ bá fi kànga síbì kan, tó rí i, á fò sókè. “Rárá o! Bí ó bá wà níbẹ̀, omi tí ìyá àgbà ń dà nù á ti máa ṣàn wọ yàrá wa. Gbé e lọ. Tún gbé e. Ó tó.” Àṣìṣe tó bá rí ló ń rán an létí òtítọ́. Ọ̀nà yẹn ni wọ́n gbà rí ibi tí ilẹ̀kùn bàbá àgbà kọjú sí, àti òkúta tí wọ́n ń jókòó lé bọ́jú ní òwúrọ̀. Lọ́jọ́ kan ó ní ilé ìgbẹ́ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ẹ̀rù máa ń bà á lójú ọ̀nà. Ọmọ mi sún un jìnnà. Ó wò ó títí. “Ẹ̀rù ti ń bà mí báyìí,” ló wí, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Oṣù márùn-ún ni wọ́n fi ṣe èyí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni ọmọ mi ti ṣe àdàkọ ilé náà pamọ́ sórí péńdíráìfù. Lẹ́yìn ìyẹn, péńdíráìfù náà wà nínú àpò rẹ̀, iṣẹ́ ilé ìwé ni ó ń fi gbé kiri. Kò tún ṣe òmíràn. Mo ń ta láptọ́ọ̀pù, mo ń sọ fún gbogbo oníbàárà pé kí wọ́n máa ṣe méjì-méjì. N kò bi ọmọ tèmi.

Ìgbà yẹn ni ẹ̀dà kẹrin jáde. Ọmọ mi fà á wá, ó fi í sínú fódà ọ̀tọ̀. Ó ní òun kàn fẹ́ wò ó pẹ̀lú iṣẹ́ òfìfo kan ni, torí ọ̀nà ìyàwòrán mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, èyí tó kéré jù nínú wọn nìkan ló sì lè bá ẹ̀rọ wa mu. Ó sọ ọ́ fún mi lórí oúnjẹ. Mo gbọ́ “ẹ̀dà tuntun.” Ìyókù, mo gbọ́ ọ bí ẹni tó ń jẹ kẹ́ńkẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, òun àti ìyá rẹ̀ wọ ọkọ̀ tírótíró lọ sí ilé ìwòsàn ojú. Ó fi láptọ́ọ̀pù sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi ní ìsọ̀ kí n máa fi iná sí i. Mo wò ó. Mo ní, ẹ̀dà tuntun ti dé, kò tíì sẹ́ni tó ṣí i. Ta ló yẹ kó ṣí i? Mo tún rò pé, bí wọ́n bá padà dé pẹ̀lú ìròyìn burúkú, kí ilé náà máa dán kó sì máa yára lójú wọn. Ọjà tí mo mọ̀, èyí tó jáde kẹ́yìn ló ń sàn jù.

Mo ṣe Bísímílà. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ṣí, ṣùgbọ́n ibi tó yẹ kí àwọn iṣẹ́ wà ṣófo. Èmi kì í ṣe òpè, ẹ má rò bẹ́ẹ̀. Mo rí ibi tí wọ́n ní kí n mú iṣẹ́ wọlé. Mo wá fódà ilé náà lọ, mo fi hàn án. Ó wá kọ ọ̀rọ̀ gígùn sójú. Ó ní ẹ̀dà kẹta ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ yìí, àfi kí wọ́n yí i padà, tí wọ́n bá sì yí i tán, ẹ̀dà àtijọ́ kò ní lè ṣí i mọ́. Mo kà á. Ìgbà tí ènìyàn bá ti ta kọ̀ǹpútà fún ogún ọdún, ìkìlọ̀ mélòó ni kò tíì kà? Gbogbo wọn ló ń sọ pé ayé fẹ́ bàjẹ́, ayé kì í sì í bàjẹ́. Mo ní kó yí gbogbo rẹ̀ padà.

Ó pẹ́. Dísìkì ń yí, ó ń yí. Nígbà tó ṣí, mo rí ojú ilẹ̀ kan tó fẹ̀, aláwọ̀ eérú. Kò sí ògiri. Gúáfà kò sí. Ẹ̀wù ìyá àgbà tí ọmọ mi yà sórí okùn aṣọ nìkan ló so láàárín òfuurufú, torí òun nìkan ni wọn kò tò mọ́ ilẹ̀. Nísàlẹ̀, ọ̀rọ̀ pupa ń rọ́ wá, ìlà lórí ìlà.

Ọkàn mi ní nǹkan ti ṣe. Kí ni mo máa ń sọ fún oníbàárà tí nǹkan bá ti ṣe? Fi pamọ́. Fi pamọ́ kíákíá. Mo sì fi pamọ́.

Mo pe ará Ga. Ó wá, ó tẹ èyí, ó tẹ tọ̀hún. Kò pa mí lẹ́rìn-ín, ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti bà mí.

“Alata,” ló wí, “àwọn àwòrán wà o. Wò ó, kànga nìyí, páànù nìyí, wọ́n wà nínú fódà.”

“Ó dára náà.”

“Ibi tí wọ́n tò wọ́n sí ni kò sí mọ́.”

Ọmọ mi dé ní ìrọ̀lẹ́. Ó ti gbé ìyá rẹ̀ sílé kó tó wá mú láptọ́ọ̀pù. N kò dúró kó bi mí, mo sọ fún un. Ó jókòó. Ó tẹ nǹkan díẹ̀. Ó fi ẹ̀dà kẹta gbìyànjú rẹ̀, ó kọ̀ ọ́. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí àwọn fáìlì náà padà, ó ní bóyá òun lè tan án, ó ṣí, òfìfo náà ló bá níbẹ̀. Ó ní tí kì í bá ṣe pé mo fi pamọ́, bóyá ìtò rẹ̀ ṣì máa wà nínú fáìlì náà, òun ì bá wá ọgbọ́n dá a. Ìgbà tó sọ bẹ́ẹ̀ tán, ó bojú wò mí, ó tún fi kún un: “Bóyá náà ni o, Bàbá. N ò mọ̀.”

Èmi ni bàbá rẹ̀. Kò lè bú mi. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bú mi.

“Ẹ jẹ́ ká lọ sílé,” ló wí. “Wọ́n ní ojú òsì ti tán.”

Ó fi ẹ̀dà kẹta ṣí èyí tó wà lórí péńdíráìfù. Ilé wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ilé àkọ́kọ́ ni, èyí tí wọ́n kò tíì tún ṣe. Kànga wà níbi tí omi á ti wọ yàrá. Ilẹ̀kùn bàbá àgbà kọjú sí ògiri. Ọmọ mi ní kò burú, oṣù márùn-ún kọ́ ni yóò gbà báyìí, àwòrán ti wà, ìyá òun á kàn tún sọ ọ́ fún òun ni. Ó pinnu pé òun kò ní kúrò nínú ẹ̀dà kẹta mọ́. Ó ní òun yan Godot torí ẹ̀rọ wa, ẹ̀dà tó bá ẹ̀rọ wa mu lòun á sì wà. Ọ̀rọ̀ àgbà ni.

Wọ́n jókòó. Ọmọ sún ìjókòó ìyá rẹ̀ mọ́ ojú láptọ́ọ̀pù títí imú rẹ̀ fi fẹ́ kàn án.

“Màmá, ẹ wo kànga. Ṣé ibẹ̀ ni?”

“Èéfín ni mo ń rí.”

“Mo ti sọ ọ́ di ńlá. Ẹ wò ó báyìí.”

“Mo rí àwọ̀ búlúù kan. Ṣé òun ni?”

“Ẹ fi ẹnu sọ fún mi, nígbà yẹn. Ibi wo ni mo gbé e lọ nígbà tí ẹ ní kí n gbé e?”

Ìyàwó mi gbìyànjú, mo rí i tó ń gbìyànjú, ó di ojú méjèèjì. “Mo mọ̀ pé ó wà nínú àgbàlá,” ló wí. Ó tún ní ọ̀tún, ó tún ní rárá, òsì. “Ọmọ mi, ìgbà tí mo bá rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń mọ bó ṣe rí.”

Ọmọ gbìyànjú láti rántí. Ó rántí kànga, ó rántí òkúta. Ilé ìgbẹ́, ó mọ̀ pé ó jìnnà, ṣùgbọ́n kò mọ bó ṣe jìnnà tó. Ẹnikẹ́ni kò lè wí pé ó tọ́ tàbí kò tọ́. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọwọ́ mi méjèèjì wà lórí itan mi, mo sì ń ṣọ́ ọwọ́ náà kí ó má bàa kan nǹkan kan.

Kò tó oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà tí ojú ọ̀tún tẹ̀ lé tòsì. Ìyàwó mi kò bá mi jà. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ló mẹ́nu kàn án, níbi tí mo ti ń kán oògùn sí i lójú, nígbà tí oògùn kò wúlò mọ́ tí a ṣì ń kán an.

“Baba ọmọ mi, kí ló wà níbẹ̀ nígbà tí o ṣí i?”

“Ẹ̀wù ìyá àgbà, lórí okùn.”

“Ó gbẹ?”

Mo ní ó gbẹ.

Ọdún kejì, ibà mú ìyàwó mi, ó sì lọ. A sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ kẹjọ, a pín ohun tó fi sílẹ̀, bí ẹ̀sìn ṣe ní ká pín in. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Tema gba tábìlì ọṣẹ àti àwọn oníbàárà rẹ̀. Àwọn aṣọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọmọ wa, àti ẹní ìkírun, àti ilé tó wà nínú ẹ̀dà kẹta bó ṣe kù, tí kò sẹ́ni tó mọ̀ bí ó bá tọ́. Láptọ́ọ̀pù náà padà sọ́dọ̀ mi. N kò tà á, n kì í sì í ṣí i. Ará Ga gba ìjókòó rẹ̀ kékeré, ó ní ẹ̀yìn máa ń dun òun. Gíláàsì ojú tó fi ń kàwé tẹ́lẹ̀ ló ṣẹ́kù. A gbé e káàkiri, ọ̀kọ̀ọ̀kan wa fi í sójú wò, kò bá ojú ẹnikẹ́ni mu.